Bí a ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ ìkíni ọjọ́ ìbí sí ọmọ ọkọ tí ẹ ò tíì mọwọ́ ara yín

Ìkíni ọjọ́ ìbí kì í wọ́n Yorùbá lẹ́nu. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àdúrà ti kún orí fóònù: wàá pẹ́ láyé, wàá dàgbà dàgbó, igba ọdún ọdún kan ni. Ibi tó ti ń ṣòro ni pé púpọ̀ nínú ohun tá a máa ń kọ sí ọmọ lọ́jọ́ ìbí rẹ̀, ẹnu ẹni tó bí i ló bá mu. Tí ìyàwó tí bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bá gbé ọ̀rọ̀ kan náà fún ọmọ tó bá nílé ọkọ, tí ìyá ọmọ náà sì wà láàyè, ọ̀rọ̀ tó fi tìfẹ́tìfẹ́ kọ lè rí lára ọmọ bí ìgbà tí àlejò jókòó sórí àga onílé.

Irú ilé yẹn ni mo ń bá sọ̀rọ̀ níbí. Ìyàwó ti wọlé láti bí ọdún kan tàbí méjì. Kò sí ìjà, ṣùgbọ́n ara ò tíì tu ọmọ náà. Ó ń kúnlẹ̀ kí yín, ó ń jẹ oúnjẹ yín, ó sì ń padà sínú yàrá. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ ti wá ń bọ̀, ẹ sì fẹ́ kọ nǹkan sí i.

Kí ọ̀rọ̀ má bàa wà lófuurufú, ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan, ká sì máa bá a lọ títí dé òpin. Ká sọ pé Mojí lorúkọ ọmọ náà, ó sì fẹ́ pé ọdún 13. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Mòlété, nílùú Ìbàdàn, ló ń gbé. Ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, ó máa ń wá sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ní Akóbọ̀, láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì títí di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Ìyàwó bàbá, tí Mojí ń pè ní Àǹtí Bọ́lá, ti lo ọdún kan àti oṣù díẹ̀ nínú ilé náà. Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ ìbí bọ́ sí, nítorí náà ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni Mojí máa wà lọ́jọ́ náà.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yín dé

Ohun tí ọmọ ń ṣe láìjẹ́ pé ẹnì kan rán an ni kẹ́ ẹ fi wọn àárín yín. Ìkúnlẹ̀ kí ni kò lè sọ nǹkan kan fún yín, torí ọmọ Ìbàdàn tí wọ́n kọ́ nílé á kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni. Ẹ wò ó bóyá ó máa ń dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún yín nígbà tí bàbá rẹ̀ kò sí níjòókòó. Ẹ wò ó bóyá ó ti béèrè nǹkan lọ́wọ́ yín rí, kódà kó jẹ́ ṣájà fóònù lásán. Ẹ wo orúkọ tó ń pè yín: ṣé òun ló yàn án, àbí bàbá ló pàṣẹ?

Tí kò bá tíì sí ìkankan nínú wọn, ìkíni gbólóhùn méjì tó lọ́yàyà ti tó. Tí ọ̀kan tàbí méjì bá wà níbẹ̀, bíi ti Mojí tó máa ń fi àwòrán tó yà han Àǹtí Bọ́lá nígbà míì, ẹ lè kọ gbólóhùn mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ẹ má kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ tó bá gùn ju ìbátan tó wà nílẹ̀ lọ máa ń di ẹrù fún ọmọ, torí yóò máa rò ó pé òun náà gbọ́dọ̀ dá a padà ní ìwọ̀n kan náà.

Kí ọkàn yín má sì gbọgbẹ́ pé ọdún kan ti kọjá tí ọmọ ò tíì so mọ́ yín. Patricia Papernow, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà tó fi ọ̀pọ̀ ọdún tọpa irú ìdílé báyìí, rí i pé àwọn tó tètè mọwọ́ ara wọn jù lọ máa ń lo nǹkan bí ọdún 4, ọ̀pọ̀ sì máa ń tó ọdún 7. Amẹ́ríkà kì í ṣe Ìbàdàn, ilé tiwa sì ní ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá àti ìyàwó ilé tó ń dá sí gbogbo nǹkan, ṣùgbọ́n bí nǹkan ṣe ń lọ́ra yẹn, mo ti rí i níbí náà.

Ẹ bi bàbá rẹ̀ ní ìbéèrè díẹ̀

Ẹ ṣe é ní bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, níbi tí ọmọ ò sí. Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ náà gan-an dá yín lójú, torí kò sí ìkíni tó burú tó èyí tó pẹ́ lọ́jọ́ kan. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n máa ń ṣe ní ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ohun tẹ́ ẹ bá ṣe má bàa dí i lọ́wọ́. Ẹ béèrè bóyá ọmọ náà fẹ́ràn kí wọ́n pariwo òun, torí àwọn ọmọ kan wà tí ìtìjú máa ń bá tí gbogbo ilé bá ń kọrin fún wọn.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni fóònù. Ta ló ni fóònù tí ọ̀rọ̀ yín máa bọ́ sí? Ọ̀pọ̀ ọmọ tó bá wà ní ọjọ́ orí Mojí, fóònù ìyá wọn ni wọ́n fi ń lo Wáàsáàpù. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìyá rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ ka ohun tẹ́ ẹ kọ. Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ máa kọ ọ́ pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Ohun tí mò ń sọ ni pé kẹ́ ẹ ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ojú ìyá náà kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́. Gbólóhùn tí kò ní bí ìyá nínú kò ní fa ọmọ sí ìhà méjì.

Ẹ wá ohun kan tẹ́ ẹ fi ojú ara yín rí

Ibí yìí ni iṣẹ́ wà, òun ni mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ fún ní àkókò jù lọ. Ohun tó ń jẹ́ kí ìkíni wọ ọmọ lára ni kó rí i pé ẹnì kan ń kíyè sí òun. Àdúrà mẹ́wàá ò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Ẹ wá ohun kan ṣoṣo tó ṣẹlẹ̀ lójú yín láàárín ọdún tó kọjá, tó jẹ́ ti ọmọ náà pátápátá.

Ẹ má lo ohun tí bàbá rẹ̀ sọ fún yín. Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ pé "mo gbọ́ pé o ṣe ipò kẹta ní kíláàsì," ohun tí ọmọ máa gbọ́ ni pé wọ́n ń jókòó sọ̀rọ̀ òun lẹ́yìn òun. Ẹ má mẹ́nu kan ara rẹ̀, pé ó ti ga, ó ti ń di obìnrin, ó ti sanra. Ọmọ ọdún 13 kò fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá tó bí i pàápàá.

Ẹ má sì yìn ín nítorí iṣẹ́ ilé. Mo mọ̀ pé ìyìn tó ń tètè wá sí wa lẹ́nu nìyẹn: ó mọ abọ́ fọ̀, ó mọ àmàlà rò, ó ń bójú tó àbúrò rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìtàn ìyàwó bàbá tí àwọn ọmọ wa ti gbọ́, iṣẹ́ ilé ni ọ̀rọ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Tí ìyá Mojí bá kà á lórí fóònù rẹ̀ pé ọmọ òun mọ abọ́ fọ̀ ní Akóbọ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn ló máa kà síbẹ̀. Mojí náà á sì rí i pé iṣẹ́ tí òun ń ṣe ni wọ́n fi mọ òun nínú ilé yẹn.

Kí ló wá kù? Ohun tí ọmọ fẹ́ràn, ohun tó pa á lẹ́rìn-ín, ọ̀nà tó ń gbà wo nǹkan, ohun tó kọ́ yín. Ní 1999, Lawrence Ganong, Marilyn Coleman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà tẹ̀ ẹ́ jáde pé lára àwọn ìyàwó bàbá àti ọkọ ìyá tó ń wá ojúure ọmọ, ohun tó ń ṣiṣẹ́ jù ni kí àgbàlagbà àti ọmọ jọ ṣe nǹkan tí ọmọ fúnra rẹ̀ yàn, àwọn méjèèjì nìkan. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá ní ìrántí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, òun ni kẹ́ ẹ mú.

Àǹtí Bọ́lá ronú títí. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni ọjọ́ tí Mojí bá a bó ẹ̀wà, ó sì yọ ìyẹn kúrò. Èkejì ni aṣọ tó rà fún Mojí ní ọjà Gbági nígbà ọdún Kérésìmesì. Ìyẹn náà kò dára, torí ẹ̀bùn tó ti kọjá kò yẹ kó padà wá di ohun tá à ń ránni létí. Ìgbà tó yá ló wá rántí ọjọ́ Ẹtì kan tó lọ mú Mojí wá láti Mòlété. Wọ́n wọ ọkọ̀ Máíkírà, wọ́n sì há sínú súnkẹẹrẹ fàkẹẹrẹ ní Ìwó Road, kí wọ́n tó dé Ìdí-Apẹ́. Mojí yọ ìwé jáde, ó ya awakọ̀ náà láti ẹ̀yìn: etí rẹ̀, ọrùn rẹ̀, àti fìlà tó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Awakọ̀ ò mọ̀ rárá. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín sínú títí tí wọ́n fi sọ̀. Kò sí bàbá níbẹ̀, kò sí iṣẹ́ níbẹ̀, kò sí ẹ̀bùn níbẹ̀. Òun ló yẹ kó kọ.

Orúkọ tẹ́ ẹ máa fi pè é, àti èyí tẹ́ ẹ máa fi parí ọ̀rọ̀

Ẹ pè é ní orúkọ tẹ́ ẹ máa ń pè é lójoojúmọ́. Ọjọ́ ìbí kọ́ ni ọjọ́ tí èèyàn ń gbé orúkọ tuntun jáde. Tó bá jẹ́ Mojí lẹ ń pè é láti ọjọ́ yìí, kó jẹ́ Mojí.

Oríkì rẹ̀ gba ìṣọ́ra. Ká ní Àníkẹ́ ni, tó sì jẹ́ pé ìyá rẹ̀ àti ìyá àgbà nìkan ló ń fi kẹ́ ẹ, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Oríkì máa ń mú orí ọmọ wú, ẹni tí ọmọ bá sì gbà láàyè láti mú orí òun wú ló yẹ kó pè é. Tí gbogbo agbo ilé bá ń pè é ní Àníkẹ́, tẹ́yin náà sì ti ń pè é bẹ́ẹ̀ láti oṣù mélòó kan tí ó sì ń dáhùn, kò sí ìbẹ̀rù.

"Ọmọ mi" ńkọ́? Nílẹ̀ wa, ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ ní Bódìjà ń pe gbogbo ọmọ tó bá kọjá ní ọmọ mi, kò sì sẹ́ni tó ń bínú sí i. Ìdí ni pé ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ kò fẹ́ bàbá ọmọ náà. Lẹ́nu tiyín, ọ̀rọ̀ kékeré yẹn wúwo. Tẹ́ ẹ bá ti ń sọ ọ́ lẹ́nu láìmọ̀, tọ́mọ ò sì yíjú, ẹ máa sọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ má tíì kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí a kọ sílẹ̀ ṣeé fi han ẹlòmíràn.

Níparí, ẹ kọ orúkọ tí ọmọ fúnra rẹ̀ ń pè yín. Àǹtí Bọ́lá ni Mojí ń pè é, Àǹtí Bọ́lá ló máa kọ. Kò ní kọ "mọ́mì rẹ", kò sì ní kọ "ìyá rẹ kejì". Mo mọ àwọn ọkọ tó máa ń ní kí ìyàwó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí ọmọ lè tètè mọ́ ọn lára. Ẹ fi pẹ̀lẹ́ sọ fún wọn pé kò ṣeé ṣe. Mọ́mì ti wà ní Mòlété, ọmọ tí wọ́n bá sì fi ipá mú láti sọ ọ́ á máa wá ọ̀nà tí kò fi ní pè yín ní nǹkan kan rárá. Ẹ ó máa gbọ́ "ẹ jọ̀ọ́ mà" àti "wọ́n ní kẹ́ ẹ wá," láìsí orúkọ. Tẹ́ ẹ bá ti ń gbọ́ irú rẹ̀ nínú ilé yín báyìí, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ orúkọ ti ń wúwo fún ọmọ náà.

Ẹ̀yin ọkọ ìyá, àmọ̀ràn yìí kàn yín náà, ó sì tún kù síbì kan. Ẹ má fi oríkì orílẹ̀ ilé yín ki ọmọ tí ìyàwó yín bí sílẹ̀. Ọmọ náà ní oríkì orílẹ̀ tirẹ̀ láti ilé bàbá rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá mọ ìyẹn, tẹ́ ẹ sì fi kí i, ọ̀wọ̀ ńlá ni fún un. Tẹ́ ò bá mọ̀ ọ́n, orúkọ rẹ̀ ti tó.

Àdúrà kan, tí í ṣe ti ọmọ náà

Ìkíni Yorùbá láìsí àdúrà á dà bí ẹni ń bínú, nítorí náà ẹ ṣàdúrà. Ẹ kàn yàn án dáadáa. Àdúrà tí èrè rẹ̀ padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe é ni kẹ́ ẹ yẹra fún: "wàá jẹ́ ká jèrè rẹ," "wàá sọ wá di ìyá àti bàbá ẹni ńlá," "wàá rántí mi nígbà tó o bá dé ibi gíga." Lẹ́nu ìyá tó rọbí, ẹ̀tọ́ ni. Lẹ́nu ẹni tí kò tíì pé ọdún méjì nílé, ó ń dún bí gbèsè. Ẹ má sì fi àdúrà báni wí. "Ọlọ́run á fún ọ ní ọkàn ìgbọràn" kì í ṣe àdúrà lọ́jọ́ ìbí, ẹ̀sùn ni, ọmọ sì mọ̀.

Àdúrà kan wà tí mo fẹ́ràn jù fún irú ọ̀ràn yìí: "Ọlọ́run á dá ẹ̀mí mọ́mì àti dádì sí fún ọ." Ó kúrú, ó jẹ́ ohun tí gbogbo èèyàn ń sọ, kò sì ní àfikún kankan. Ọmọ tó wà láàárín òbí méjì tí kò gbé pọ̀ mọ́ máa ń rò pé tí òun bá fẹ́ràn ìyàwó bàbá, òun ti da ìyá òun nìyẹn. Nígbà tí ìyàwó bàbá fúnra rẹ̀ bá gbàdúrà fún ìyá náà, tí kò sì fi tìpátìkúùkù ṣe é, ẹrù yẹn máa ń fúyẹ́ díẹ̀. Ẹ kàn má lọ sọ pé "Ọlọ́run á bá wa parí gbogbo rẹ̀" tàbí "Ọlọ́run á mú ìrẹ́pọ̀ wá." Ìjà àgbà kò sí nínú ọjọ́ ìbí ọmọ. Tí ẹ bá mọ̀ pé ìkórìíra ń bẹ láàárín ẹ̀yin àti ìyá náà tó fi jẹ́ pé àdúrà yẹn á dún bí àgàbàgebè, ẹ fi "wàá pẹ́ láyé" sí i, kẹ́ ẹ sì dúró níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé ìyá ọmọ ti kú, ọ̀rọ̀ yí padà. Ọjọ́ ìbí lè jẹ́ ọjọ́ tó nira jù fún un lọ́dún. Ẹ bi bàbá rẹ̀ bóyá wọ́n máa ń dárúkọ ìyá náà nílé. Tí wọ́n bá ń dárúkọ rẹ̀, gbólóhùn kan bíi "mo mọ̀ pé wàá rántí mọ́mì lónìí" ti tó, láìfi ìtùnú gígùn kún un. Tí wọn kì í bá dárúkọ rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé lórí fóònù lọ́jọ́ ìbí ni yóò ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín.

Ẹ kọ ọ́, kẹ́ ẹ wá gé e

Ohun tí Àǹtí Bọ́lá kọ́kọ́ kọ nìyí, ọ̀pọ̀ wa ló sì máa kọ irú rẹ̀:

"Ọmọ mi àtàtà, ọmọ tí Ọlọ́run fi jíǹkí mi láìrọbí, o kú oríire ọjọ́ ìbí! Bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi kọ́ ni mo bí ọ, bí ọmọ inú mi ni mo ṣe fẹ́ràn rẹ. O ti ń dàgbà, o ti ń mọ iṣẹ́ ilé ṣe, inú èmi àti dádì rẹ dùn sí ọ. Mo fẹ́ kó o mọ̀ pé o lè sọ ohunkóhun fún mi, ìyá ni mo jẹ́ fún ọ. Ọlọ́run á fún ọ ní ọkàn ìgbọràn, wàá sì jẹ́ ká jèrè rẹ. Èmi ìyá rẹ kejì."

Kò sí irọ́ níbẹ̀, ìfẹ́ ló sì fi kọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká wò ó bí Mojí ṣe máa kà á. "Láìrọbí" àti "èmi kọ́ ni mo bí ọ" ń rán an létí, ní ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ rọbí gan-an, pé nǹkan kan ti yí padà nínú ìdílé rẹ̀. Ọjọ́ ìbí ọmọ, ọjọ́ ìkúnlẹ̀ ìyá rẹ̀ náà ni. A kì í mẹ́nu kan ìrọbí níbẹ̀ tí kì í bá ṣe tiwa. "Bí ọmọ inú mi ni mo ṣe fẹ́ràn rẹ" lè jẹ́ òótọ́ lọ́jọ́ iwájú, àmọ́ Mojí ò tíì rí ẹ̀rí rẹ̀, ọmọ sì máa ń ṣọ́ ẹni tó bá sọ ohun tó ju ẹ̀rí lọ. "Inú èmi àti dádì rẹ" ń so bàbá mọ́ ọ̀rọ̀ tó yẹ kó jẹ́ ti Àǹtí Bọ́lá nìkan. Bàbá á kọ tirẹ̀. "O lè sọ ohunkóhun fún mi" jọ ọrẹ, ṣùgbọ́n ó ń béèrè pé kí ọmọ wá ṣí inú rẹ̀ payá. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ sọ̀rọ̀ á máa gbọ́ ìwọ̀nba tó bá sọ, kò ní kọ ọ́ sínú ìkíni. Ìyókù a ti sọ.

Lẹ́yìn tó gé e, ohun tó kù nìyí:

"Mojí, o kú ọjọ́ ìbí o! Ọdún 13 ti pé.
Mo ṣì máa ń rántí awakọ̀ Máíkírà tó o yà ní Ìwó Road. Bí fìlà rẹ̀ ṣe tẹ̀ gẹ́lẹ́ lo ṣe yà á, ọkùnrin náà ò sì fura. Èmi ì bá má rí fìlà yẹn rárá.
Wàá pẹ́ láyé. Ọlọ́run á dá ẹ̀mí mọ́mì àti dádì sí fún ọ.
Jayé orí ẹ lónìí.
Àǹtí Bọ́lá"

Ẹ wò ó pé kò sí ìbéèrè kankan níbẹ̀, kò sì sí gbólóhùn tí Mojí gbọ́dọ̀ fèsì sí. Tó bá wù ú, ó lè rẹ́rìn-ín, kó sì fi fóònù sílẹ̀. Ẹ wò ó pẹ̀lú pé "èmi ì bá má rí fìlà yẹn rárá" fi ọmọ náà sípò ẹni tó mọ nǹkan ju àgbàlagbà lọ, láìpọ́n ọn lé ju bó ṣe yẹ. Ọ̀rọ̀ náà kò tilẹ̀ sọ pé mo fẹ́ràn rẹ. Ẹni tó bá ń bá ọmọ náà sọ ọ́ lẹ́nu lè fi sí i. Ẹni tí kò tíì sọ ọ́ rí, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu kó tó dé orí fóònù.

Èdè tẹ́ ẹ jọ ń sọ nílé ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́. Tó bá jẹ́ àdàlù Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá lẹ máa ń bá ara yín sọ, àdàlù náà ni kẹ́ ẹ kọ. Tẹ́ ẹ bá bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì ìwé tàbí Yorùbá àgbà lójijì, ọmọ á rò pé ibì kan lẹ ti dà á kọ.

Bí ẹ ṣe máa fi ránṣẹ́

Ẹ fi aago méjìlá òru sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Àárọ̀ náà, títí tọ́mọ fi lọ sílé ìwé, tiwọn ni. Nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nígbà tó ti dé láti ilé ìwé, ló dára fún Àǹtí Bọ́lá. Tí ọmọ bá ń gbé lọ́dọ̀ yín, ẹ sọ ọ́ lẹ́nu ní àárọ̀ lẹ́yìn bàbá rẹ̀, kẹ́ ẹ fi ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ kọ sínú káàdì sórí tábìlì rẹ̀. Ẹ ra káàdì tí wọn ò tẹ nǹkan kan sí nínú, torí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ní ọ̀rọ̀ ló ti pe ẹni tí wọ́n fẹ́ fún ní ọmọ ẹni.

Ẹ má fi ohùn ránṣẹ́ sí ọmọ tó wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ó dùn létí lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú pálọ̀ ni Mojí ti máa tẹ̀ ẹ́, ohùn yín á sì ròkè nínú ilé obìnrin náà. Ọ̀rọ̀ kíkọ máa ń jẹ́ kí ọmọ yan ìgbà àti ibi tó ti fẹ́ kà á.

Sítátọ̀ọ̀sì ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Èèyàn á gbé fọ́tò ọmọ ọkọ síbẹ̀, á kọ àdúrà gígùn tì í, gbogbo ọ̀rẹ́ á máa kí i pé "o kú oríire ọmọ." Láàárín wákàtí kan, àbúrò ìyá ọmọ náà á ti rí i, wọ́n á sì ti fi ránṣẹ́ sí Mòlété. Ọmọ ni wọ́n máa bi pé kí ló dé tí ìyàwó bàbá ẹ ń pè ọ́ ní ọmọ rẹ̀. Mi ò rí ìdí kan tó fi yẹ kẹ́ ẹ fi ọjọ́ ìbí ọmọ sínú irú ewu yẹn. Bó bá jẹ́ pé ẹ máa ń gbé àwọn ọmọ tẹ́ ẹ bí síbẹ̀, tẹ́ ẹ sì ń bẹ̀rù pé Mojí á rí i pé ẹ yọ òun sílẹ̀, ẹ bi í nígbà tó bá wá sọ́dọ̀ yín kẹ́yìn ṣáájú ọjọ́ náà: "Ṣé o fẹ́ kí n gbé fọ́tò ẹ lọ́jọ́ ìbí ẹ, àbí kí n fi sílẹ̀?" Ohun tó bá sọ labẹ́ gé. Tó bá kàn gbé èjìká sókè, ẹ fi sílẹ̀.

Lẹ́yìn tó ti kà á

Ó ṣeé ṣe kí èsì jẹ́ "ẹ ṣé mà" péré. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ rí àmì aláwọ̀ búlúù pé ó ti kà á, kẹ́ ẹ má sì rí nǹkan mìíràn. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má kọ "ṣé o rí ọ̀rọ̀ mi?" Ẹ sì bá ọkọ yín sọ ọ́ ṣáájú, torí ọ̀dọ̀ bàbá ni nǹkan ti máa ń bàjẹ́ jù níbí: á pe ọmọ lórí fóònù, á bi í pé ṣó ti dúpẹ́ lọ́wọ́ àǹtí. Láti ìgbà yẹn lọ, ìkíni tẹ́ ẹ fún un lọ́fẹ̀ẹ́ ti di ohun tó jẹ yín. Ọmọ á dúpẹ́ lóòótọ́, àmọ́ bàbá rẹ̀ ló máa dá lóhùn.

Àmì tó yẹ kẹ́ ẹ máa wò kì í sí lórí fóònù. Tí Mojí bá dé ní òpin ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, tó sì fi àwòrán mìíràn hàn yín láìjẹ́ pé ẹ béèrè, ọ̀rọ̀ yín dé ibi tẹ́ ẹ rán an. Tó bá ṣe bíi ti tẹ́lẹ̀, kò burú. Tó bá wá ń yẹra fún yín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tàbí kò fẹ́ kí fóònù rẹ̀ wà nítòsí yín, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti sọ̀rọ̀ sí i lórí ìkíni náà. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Ẹ sọ fún bàbá rẹ̀ kó fi pẹ̀lẹ́ béèrè, kó má sì dárúkọ yín. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí ìkíni tún kúrú sí i, kẹ́ ẹ sì gba ọwọ́ bàbá rẹ̀ fi ránṣẹ́.

Tí Mojí bá dé Akóbọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ti gé kéèkì ní Mòlété nìyẹn. Ẹ má ṣe òmíràn tó tóbi ju ìyẹn lọ. Ẹ béèrè ohun tó fẹ́ jẹ lọ́jọ́ Sátidé, kẹ́ ẹ sè é. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ fún un ní ẹ̀bùn, ìwé àwòrán àti pẹ́ńsù dúdú rírọ̀ méjì láti ilé ìtàwé kan ní Dùgbẹ̀ ti tó, torí òun ni yóò bá ohun tẹ́ ẹ kọ mu.